FineReader, Acrobat àti Tesseract: èwo ni ká yàn láti yọ ọ̀rọ̀ àti àtẹ jáde nínú PDF ìwé ìwádìí àtijọ́?

Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ nìkan ni ẹ fẹ́ yọ jáde nínú PDF ìwé ìwádìí àtijọ́ tí wọ́n sikáànù, ẹ má tíì náwó, nítorí Tesseract tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́ lè ṣe iṣẹ́ náà dáadáa. Àtẹ ni ó yẹ kó pinnu ohun tí ẹ máa rà. Bí ètò bá ṣi lẹ́tà kan kà nínú gbólóhùn, ojú òǹkàwé yóò rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò gún. Ṣùgbọ́n nínú àtẹ, 3 tí ó di 8 kò fi àmì kankan hàn. Nítorí náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fi wọn FineReader ti ABBYY, Acrobat Pro ti Adobe àti Tesseract wò: èwo ló gbà kí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ka sí ibi tí òpó kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí?

Ẹ yẹ fáìlì náà wò kí ẹ tó yan ètò

Ọ̀pọ̀ PDF ìwé àtijọ́ tí ó wá láti ilé ìkàwé ti ní ọ̀rọ̀ tí a fi pamọ́ sẹ́yìn àwòrán ojú ìwé. Ẹ fa àmì lé gbólóhùn kan lórí, kí ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú ìwé òfìfo. Bí ohun tí ó jáde bá dọ́gba pẹ̀lú ohun tí ẹ rí, iṣẹ́ yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Bí ó bá jẹ́ ìdọ̀tí lẹ́tà, ó yẹ kí a tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, àṣẹ yìí, tí ó wá pẹ̀lú àkójọ irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí à ń pè ní Poppler, tí a sì ń tẹ̀ sínú Terminal, yóò sọ bí àwòrán inú fáìlì náà ṣe mọ́ kedere tó:

```
pdfimages -list iwe.pdf
```

Ẹ wo òpó `x-ppi`, iye ẹyọ àwòrán tí ó wà nínú íǹṣì kan. Kò sí ètò kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó ń ṣe dáadáa bí ó bá kéré jìnnà sí 300, àti pé fún àlàyé wínníwínní ìsàlẹ̀ àtẹ, 400 sàn jù. Bí ìwé náà bá wà lárọ̀ọ́wọ́tó, ẹ tún un sikáànù ní àwọ̀ eérú, kì í ṣe dúdú àti funfun pátápátá, nítorí àmì dẹ́símà ni ó máa ń kọ́kọ́ pòórá nínú dúdú àti funfun.

Ewu kan wà tí ètò kankan kò lè tún ṣe. Ní ọdún 2013, David Kriesel, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ará Jámánì, fi hàn pé àwọn ẹ̀rọ aṣẹ̀dà kan ń fi 8 rọ́pò 6 nínú ìwé tí wọ́n bá sikáànù. Ọ̀nà ìfúnpọ̀ tí à ń pè ní JBIG2 ni ó fà á: ó máa ń kó àwọn àmì tí ó jọra pọ̀, á sì fi àwòrán ọ̀kan ṣojú gbogbo wọn. Ojú ìwé náà yóò mọ́ kedere, síbẹ̀ òǹkà inú rẹ̀ kì í ṣe ti òǹkọ̀wé. Bí ẹ bá rí `jbig2` ní òpó `enc` nínú èsì àṣẹ òkè yẹn, kò túmọ̀ sí pé àṣìṣe wà dandan, ṣùgbọ́n ẹ wá ẹ̀dà mìíràn tí ẹ lè fi wé e.

Bí ètò kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣe àtẹ

Àtẹ inú jọ́nà àtijọ́ kì í sábà ní ìlà òòró rárá. Ìlà ìbú méjì tàbí mẹ́ta péré ni wọ́n máa ń fà, àlàfo ni ó sì ń ya òpó kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Níbi tí àlàfo náà bá ti há, ètò yóò so òpó méjì pọ̀.

Ibẹ̀ ni FineReader ti borí àwọn yòókù. Nínú OCR Editor rẹ̀, ojú iṣẹ́ tí ó ti ń sọ àwòrán lẹ́tà di ọ̀rọ̀ gidi, ẹ lè fi ọwọ́ yí agbègbè àtẹ ká, kí ẹ fa ìlà òòró síbi tí ó yẹ, kí ẹ pa èyí tí kò yẹ rẹ́, kí ẹ sì ní kí ó tún agbègbè náà kà. Ó tún máa ń kun àwọn àmì tí kò dá a lójú ní àwọ̀, tí yóò sì gbé àwòrán ibẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kí ẹ lè tún wọn ṣe kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí Excel. Owó rẹ̀ ni ó ń dẹ́rù ba ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ọ̀pọ̀ àtẹ láti yọ yóò rí èrè owó náà. Ẹ kọ́kọ́ lo ẹ̀dà ìdánwò rẹ̀, ojú ìwé tí ó burú jù lọ lọ́wọ́ yín ni kí ẹ sì fi dán an wò.

Acrobat Pro dára fún ẹni tí ó ti ń sanwó rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá ń ka ọ̀rọ̀ jáde nínú rẹ̀, ẹ yan `Searchable Image` dípò `Editable Text and Images`, kí àwòrán àkọ́kọ́ lè wà síbẹ̀ fún ìfiwéra. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí ó gbé àtẹ lọ sínú Excel, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń pinnu ibi tí òpó wà, àtúnṣe tí ẹ kò sì rí ṣe níbẹ̀, inú Excel ni ẹ ó ti máa fọwọ́ ṣe é.

Tesseract kò mọ àtẹ. Fún ọ̀rọ̀, ẹ lò ó nípasẹ̀ OCRmyPDF, ètò ọ̀fẹ́ tí ó ń fi Tesseract ka PDF:

```
ocrmypdf --force-ocr --deskew -l eng iwe.pdf tuntun.pdf
```

Fún àtẹ, ẹ gé òpó kọ̀ọ̀kan jáde bí àwòrán, kí ẹ sì kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú `tesseract opo.png opo --psm 6`. Ó ń gba àkókò, ṣùgbọ́n òpó kò ní lè so pọ̀. Àwọn kan á dábàá Tabula, tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́ pẹ̀lú. Kì í ka àwòrán, PDF tí ó ti ní ọ̀rọ̀ nìkan ni ó lè lò, nítorí náà gbogbo àṣìṣe tí OCR bá ti ṣe ni yóò gbé wọlé.

Bí a ṣe ń mú òǹkà tí ó ṣì jáde

Ètò yòówù kí ẹ yàn, ẹ fi àròpọ̀ inú ìwé fúnra rẹ̀ dán èsì wò. Ẹ jẹ́ ká ní ìsàlẹ̀ òpó kan gbé àròpọ̀ 386.2, tí òǹkà tí ètò yọ jáde sì fún yín ní 811.9. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 425.7. Ẹ pín in sí 9, ẹ ó rí 47.3. Bí 473 bá wà nínú òpó náà, òun ni 47.3 tí àmì dẹ́símà rẹ̀ ti jábọ́, nítorí òǹkà tí ó sọ dẹ́símà kan nù di ìlọ́po mẹ́wàá ara rẹ̀, ìlọ́po mẹ́sàn-án rẹ̀ ni ó sì fi lé sí i. Bí ìyàtọ̀ bá jẹ́ 5, 0.5 tàbí 50, ẹ wá 3 tí ó di 8. Bí ìdajì ìyàtọ̀ náà bá dọ́gba pẹ̀lú òǹkà kan nínú òpó, àmì ìyọkúrò iwájú rẹ̀ ni ó ṣeé ṣe kó ti pòórá. Ìyàtọ̀ 0.1 lè jẹ́ pé òǹkọ̀wé ni ó sún òǹkà sókè tàbí sílẹ̀. Ọ̀nà yìí kì í ṣiṣẹ́ geere níbi tí àṣìṣe bá ju ẹyọ kan lọ, torí méjì lè pa ara wọn rẹ́.

Òpó tí ó jẹ́ ìdá ọgọ́rùn-ún náà ní àròpọ̀ tirẹ̀, ṣùgbọ́n àtẹ tí kò ní àròpọ̀ kankan, irú bí àtẹ ìwọ̀n ìbáṣepọ̀ láàárín àwọn nǹkan, kò ní ohun tí a lè fi dán an wò nínú. Fún irú rẹ̀, kí ènìyàn méjì tẹ̀ ẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sínú ojú ìwé Excel méjì, kí `=Sheet1!A1=Sheet2!A1` sì fi ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ hàn. Ẹni tí àtẹ rẹ̀ kò ju mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ kò nílò láti ra FineReader. Títẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì yìí yá ju kíkọ́ ètò tuntun lọ, ó sì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé jù ú lọ.