Ìṣó Páànù àbí Síkúrù Onírọ́bà? Kí Ẹ Tó Rajà fún Òrùlé ní Àbújá

Ẹ̀gbọ́n mi ní ilé kan ní Kújé. Òrùlé rẹ̀ kò tíì pé ọdún mẹ́rin tó ti ń jò, àwọn ayálégbé sì ti ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sáàrin pálọ̀ nígbà òjò. Nígbà ọyẹ́, àwa méjèèjì gun òkè lọ wò ó. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọwọ́ kan ìṣó yìí wò." Ó fi ìka méjì mú un, ó fà á, ìṣó náà sì yọ wọ́ọ́rọ́ bí ẹni tu èpò lẹ́yìn òjò. Rọ́bà abẹ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n gé lára tíúbù táyà àtijọ́, ti gbẹ, ó ń rún sọ́wọ́ bí ewé. Páànù fúnra rẹ̀ kò ní ìpẹtà kankan. Ẹ̀gbọ́n ti ń wá owó páànù tuntun, bẹ́ẹ̀ ohun tó mú páànù mọ́ igi ló bàjẹ́.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ fi méjèèjì wéra fún ẹni tó ń múra àtilọ sọ́jà: ìṣó páànù tó lórí bí agboòrùn, àti síkúrù tó ní rọ́bà lábẹ́ orí. Páànù onírin tó ní ìgbì ni mo ń sọ o, èyí tí àwọn ará ibí ń pè ní kwano, lórí igi pọ́línì, ìyẹn igi tí wọ́n ń kan páànù mọ́. Ibi tí ìgbì ti yọ sókè ni màá máa pè ní orí ìgbì. Ibi tó rì wọlẹ̀ tí omi ń gbà kọjá ni kòtò.

Èwo ló di igi mú jù?

Ara ìṣó ń dán. Igi tó fún un mọ́ra nìkan ló ń dì í mú. Ní agbègbè wa níbí, wọ́n sábà máa ń kan òrùlé nígbà tí igi ṣì tutù, lẹ́yìn náà ni ọyẹ́ dé, tí igi gbẹ, tó sì sún kì. Ihò tó fún tẹ́lẹ̀ á wá dẹ̀. Ẹ fi ti oòrùn kún un. Páànù tó gùn tó mítà 2.4 máa ń fi díẹ̀ ju mílímítà kan lọ gùn sí i láti òwúrọ̀ tó tutù sí ọ̀sán tó gbóná, nígbà tí ìyàtọ̀ ooru ara rẹ̀ bá tó ìwọ̀n 40. Alẹ́ á lẹ́, yóò tún sún padà. Lójoojúmọ́ ni ó ń fi ìṣó náà jì bẹ́ẹ̀. Tí atẹ́gùn òjò àkọ́rọ̀ bá wá gba abẹ́ páànù lóṣù kẹrin, ìṣó tó ti gòkè díẹ̀ kò ní lágbára kankan mọ́.

Síkúrù ní eyín tó jẹ igi. Kí ó tó jáde, àfi kí ó fa igi ya tàbí kí ẹnì kan tú u. Páànù ṣì ń gùn, ó ṣì ń sún, ṣùgbọ́n rọ́bà abẹ́ orí síkúrù ló ń gba ìrìn náà mọ́ra. Ní ti dídi igi mú, ìṣó kò bá a dọ́gba rárá.

Ibi tí ìṣó ti borí ni owó àti ìyára. Káfíńtà méjì lè kan òrùlé ilé kékeré tán ní ọjọ́ kan. Síkúrù ń fẹ́ dìríìlì, bátìrì tàbí jẹnẹrétọ̀, àti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀. Tó bá jẹ́ ilé adìyẹ tàbí ṣọ́ọ̀bù tí ẹ máa tú lọ́dún méjì, ìṣó ti tó, ẹ má dà ara yín láàmú.

Gígùn síkúrù, níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà

Ní ọjà Déí-Déí, tí ẹ bá ní ẹ fẹ́ síkúrù òrùlé, ó ṣeé ṣe kí wọ́n kọ́kọ́ gbé èyí tó gùn tó ínṣì kan ààbọ̀ wá, ìyẹn nǹkan bíi mílímítà 38. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Orí ìgbì fi nǹkan bíi mílímítà 19 ga ju igi lọ. Rọ́bà àti wọ́ṣà irin á gba bíi 3. Ohun tó kù tó máa wọ igi jẹ́ 16 péré, kò sì tó. Ẹ béèrè èyí tó jẹ́ mílímítà 65, ìyẹn ínṣì méjì ààbọ̀. Nínú rẹ̀, bíi 43 máa wọ inú igi, ìyẹn á sì dúró dáadáa nínú pọ́línì tú-bàì-tú láìyọ sí ìsàlẹ̀.

Ẹ tún wo ẹnu rẹ̀. Èyí tó wà fún igi ní ẹnu ṣóńṣó, eyín rẹ̀ sì jìnnà síra. Èyí tí ẹnu rẹ̀ dà bí bíìtì dìríìlì wà fún pọ́línì irin. Ọ̀kan kò lè ṣe iṣẹ́ èkejì.

Rọ́bà

Rọ́bà tíúbù táyà kò lè fara da oòrùn, ohun tí a rí ní Kújé nìyẹn. Rọ́bà tí wọ́n ṣe fún òrùlé ni ẹ wá, èyí tí wọ́n máa ń kọ EPDM sí ara páálí rẹ̀, tó sì lẹ̀ mọ́ wọ́ṣà irin pátápátá. Ẹ mú ẹyọ kan, ẹ tẹ rọ́bà náà pẹ̀lú èékánná, ẹ lọ́ ọ. Tó bá là tàbí tó bó kúrò lára irin, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà.

Rọ́bà tó dára náà kò wúlò lọ́wọ́ ẹni tó ń yí síkúrù bí ẹni ń bínú. Ẹ wo etí rọ́bà bó ṣe ń wọlé. Tó bá yọ díẹ̀ yí etí wọ́ṣà irin ká, tó sì ṣe bákan náà káàkiri, ẹ dúró, ó ti tó. Tí wọ́ṣà ṣì ń yí lábẹ́ ìka yín, kò tíì fún. Tí rọ́bà bá ti tú jáde bí ètè tó wú, tàbí tí orí ìgbì bá tẹ̀ wọlé, ó ti fún jù, ibi tó tẹ̀ yẹn á sì di àwo omi. Tí síkúrù bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, apá kan rọ́bà á fún, apá kejì á là sílẹ̀. Káfíńtà tí mo bá ṣiṣẹ́ kì í fi dìríìlì tó ń gbá kìkìkì yí i dé òpin, ọwọ́ ló fi ń parí rẹ̀.

Orí ìgbì ni kí gbogbo síkúrù wà. Omi kì í dúró níbẹ̀. Ẹni tó bá fi sínú kòtò torí pé ó rọrùn láti fún un mọ́ igi ti gbé ihò síbi tí odò ń gbà kọjá.

Ìgùnléra páànù: ìgbì kan àbí ìgbì kan ààbọ̀?

Níbí ni ọ̀pọ̀ onílé ti ń ṣọ́ owó tí kò pọ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi òrùlé ẹ̀gbọ́n mi ṣàlàyé. Ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ gùn ní mítà 12, ó sì jẹ́ mítà 4.6 láti téńté òrùlé dé etí rẹ̀. Páànù tó wà níbẹ̀ gùn ní mítà 2.4, ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 80, ìgbì kan sì jẹ́ 7.6.

Tí a bá fi ìgbì kan gun ara lẹ́gbẹ̀ẹ́, ohun tí páànù kan bò jẹ́ 72.4, a ó sì nílò 17 ní ìlà kan. Tí a bá fi ìgbì kan ààbọ̀ gun ara, ó bò 68.6, a ó nílò 18. Páànù kan péré ni ìyàtọ̀ lórí ìlà kan. Ìlà méjì ló wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀gbẹ́ méjì ni òrùlé, torí náà páànù mẹ́rin ni gbogbo ẹ̀. Nítorí páànù mẹ́rin ni àwọn tó kọ́kọ́ kan án ṣe fi ìgbì kan ṣe é, tí òjò oníjì fi ń ti omi gba abẹ́ etí páànù wọlé.

Láti òkè sísàlẹ̀, mítà 2.4 lọ́nà méjì jẹ́ 4.8. Tí ẹ bá yọ 4.6 kúrò, sẹ̀ǹtímítà 20 ló kù fún ìgùnléra, èyí sì dára fún òrùlé tí kò dagun púpọ̀. Òrùlé tó dagun dáadáa lè lo 15. Ìgùnléra yìí gbọ́dọ̀ wà lórí pọ́línì, kí síkúrù lè gba inú páànù méjèèjì wọ igi.

Ìhà tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Òjò oníjì tó ń dà wá láàmú níbí sábà máa ń ti ìlà-oòrùn wá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìwọ̀-oòrùn, kí ẹ máa gbé páànù tó tẹ̀ lé e gun èyí tó ṣáájú bí ẹ ṣe ń lọ sí ìlà-oòrùn. Ẹnu ìgùnléra á wá kẹ̀yìn sí atẹ́gùn.

Mélòó ni kí ẹ rà?

Pọ́línì mẹ́fà ló wà ní ẹ̀gbẹ́ kan òrùlé yẹn. Lórí ti etí òrùlé, ti téńté àti ti ìgùnléra, à ń fi síkúrù sí orí ìgbì kan, à ń fo ọ̀kan: 79 ní ìlà kan. Lórí àwọn mẹ́ta yòókù, à ń fo méjì: 53. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 396 ní ẹ̀gbẹ́ kan, 792 ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ ra 850, torí díẹ̀ á já bọ́, díẹ̀ á tẹ̀.

Ẹni tí òrùlé rẹ̀ ti ń jò ńkọ́?

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ wo àpá omi lórí àjà. Tó bá jẹ́ pé ìsàlẹ̀ pọ́línì gan-an ni ó ń kán sí, ihò ìṣó ni. Tó bá ń jò kìkì nígbà tí ìjì bá wà, ẹ wo ìgùnléra ẹ̀gbẹ́. Tó bá jẹ́ òjò tó rọ̀ pẹ́ láìsí atẹ́gùn ló ń wọlé, ìgùnléra òkè sísàlẹ̀ ló kúrú, tàbí kí òrùlé tẹ́jú jù.

Ẹ má fi síkúrù tuntun sínú ihò ìṣó tó ti fẹ̀. Ẹ lo èyí tó sanra jù ú lọ, tàbí kí ẹ sún un díẹ̀ lórí ìgbì kan náà, kí ẹ sì dí ihò àtijọ́. Ohun tí ẹ máa fi dí i, ẹ gbóòórùn rẹ̀ ná: sílíkọ́ọ̀nù tó ń rùn bíi fínígà máa ń jẹ síńkì ara páànù. Ẹ ra èyí tí kò ní òórùn yẹn.

Tí iṣẹ́ bá parí, ẹ gbá gbogbo ìyẹ̀fun irin tí dìríìlì dà sílẹ̀ kúrò lọ́jọ́ náà gan-an, torí ó máa dípẹtà mọ́jú, yóò sì kó ìpẹtà ran páànù. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ da omi sórí òrùlé pẹ̀lú họ́ọ̀sì, láti etí lọ sókè, ìlà pọ́línì kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹnì kan wà nínú àjà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ní Kújé, ìgbà tí omi dé ìlà kẹta ni ẹni tó wà lábẹ́ pariwo, a sì rí síkúrù kan tó ṣi igi gbà.