Aṣọ bẹ́ẹ̀dì òtẹ́ẹ̀lì: ṣé ká máa ṣe pàṣípààrọ̀ ni, àbí ká máa kà á lóṣooṣù?

Ká ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní yàrá 40, tí yàrá kọ̀ọ̀kan ń lo aṣọ bẹ́ẹ̀dì méjì. 80 wà lórí bẹ́ẹ̀dì, 80 wà nílé ìfọṣọ, 80 wà ní sítọ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 240.

Bí wọ́n bá ń kà á lóṣooṣù nìkan, iṣẹ́ á yá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ka 226, tí ìwé fi hàn pé 9 ti bàjẹ́, 5 ti sọnù nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tó lọ. Ilé ìfọṣọ tún gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró lọ́jọ́ kíkà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á ka aṣọ kan lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ti pàṣípààrọ̀, ẹni tó kó 10 tó dọ̀tí wá ló máa gba 10 tó mọ́. Bó bá kó 9 wá, ọ̀rọ̀ dé nìyẹn. Ó máa ń dá iṣẹ́ dúró láàárọ̀, òótọ́ ni, àmọ́ ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń rí àbàwọ́n. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ kàn, wọ́n á yọ ọ́ sọ́tọ̀, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi tútù. Bó bá fi lè wọ omi gbígbóná tàbí ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ, ó ti lẹ̀ mọ́ ọn pátápátá.

Táwẹ́ẹ̀lì ló ń tètè pòórá jù. Èmi ò ní fi tiẹ̀ sílẹ̀ di òpin oṣù láéláé.