Mo ní kí wọ́n wọn gáàsì éésì ọkọ̀ tòkúnbọ̀ kí n tó sanwó: àgbéyẹ̀wò iṣẹ́ náà

Iṣẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń ra ọkọ̀ tòkúnbọ̀ ní Kábà àti agbègbè rẹ̀ kì í béèrè fún ni mo fẹ́ gbé yẹ̀wò níhìn-ín. Oníéésì yóò fa gbogbo gáàsì tó wà nínú ẹ̀rọ amúlétutù ọkọ̀ jáde, yóò wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n, a ó sì fi iye rẹ̀ wé èyí tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà kọ sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọkọ̀ méjì ni mo gbé lọ fún un ní Lọ́kọ́ja kí n tó ná owó mi. Mo kọ ọ̀kan sílẹ̀, mo sì ra èkejì.

Lébẹ́ẹ̀lì ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wá. Ó sábà máa ń wà nísàlẹ̀ bọ́nẹ́ẹ̀tì tàbí lórí irin tó dábùú iwájú rédíétọ̀, wọ́n sì máa ń kọ orúkọ gáàsì àti ìwọ̀n rẹ̀ sí i lára. `R-134a` ni ó wà lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ti pẹ́ díẹ̀, `R-1234yf` sì ni ó wà lára àwọn tuntun. Ní Yúróòpù, òfin kò gba R-134a láyè mọ́ nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun láti ọdún 2017. Àwọn tó ti Amẹ́ríkà wá kò yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ọdún tí wọ́n ṣe ọkọ̀ nìkan kò tó láti fi mọ gáàsì rẹ̀. Ẹ tún wo bọ́nẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ dáadáa: bí àwọn nọ́ọ̀tì tó dè é bá ti ní àpá sípánà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti yọ ọ́ lára ọkọ̀ mìíràn lẹ́yìn ìjàǹbá, kí lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sì jẹ́ ti ọkọ̀ yẹn.

Láti Bẹ́ljíọ̀mù ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ ti wá. `R-1234yf` ni a kà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti de adápítọ̀ mọ́ ẹnu páìpù tí a ń gbà fi gáàsì sí i. Ẹnu páìpù gáàsì méjèèjì kò dọ́gba, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà so rọ́bà ọ̀kan mọ́ èkejì. Ẹni tó bá de adápítọ̀ síbẹ̀ ti fi gáàsì tí kì í ṣe tirẹ̀ sínú rẹ̀ nìyẹn, tàbí ó ti gbìyànjú rẹ̀. Ọmọ Ìyàrà ni oníéésì náà, bí ó sì ti rí adápítọ̀ yìí, ó gbé rọ́bà rẹ̀ padà sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, n kò lè so ẹ̀rọ mi mọ́ èyí. Bí gáàsì méjì bá ti dàpọ̀ nínú rẹ̀, ó máa ba gbogbo èyí tó wà nínú sílíńdà mi jẹ́."

Òótọ́ ni ó sọ. Gáàsì tó ti dàpọ̀ kò ṣeé yà sọ́tọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, kò sì sí ẹni tó máa fẹ́ lò ó fún oníbàárà mìíràn. Kí a tó lè tún ọkọ̀ náà ṣe bó ṣe yẹ, a ní láti fọ gbogbo rẹ̀ mọ́, kí a sì ra R-1234yf, tó wọ́n ju R-134a lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Mo dá kọ́kọ́rọ́ padà fún olówó rẹ̀.

Ọkọ̀ kejì, sálúùnù kékeré láti Amẹ́ríkà, ní `R-134a` àti `0.48 kg` lára lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ìyẹn 480 gíráàmù. Ọmọṣẹ́ ẹni tó ń tà á so géèjì mọ́ ọn láìtan ẹ́ńjìnnì, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ wò ó, gáàsì ti kún." Abẹ́rẹ́ náà dúró ní nǹkan bí 97 psi. Ìwọ̀n yìí tọ́ fún R-134a nígbà tí ooru bá wà ní 30°C, ṣùgbọ́n kò sọ bí gáàsì náà ti pọ̀ tó. Bí a bá ti pa ẹ́ńjìnnì, tí gáàsì tó ti di omi sì ṣẹ́kù nínú ẹ̀rọ náà, ooru nìkan ni agbára rẹ̀ ń tẹ̀ lé, gẹ́gẹ́ bí sílíńdà gáàsì ìdáná ṣe ń tú gáàsì jáde pẹ̀lú agbára kan náà, ìbáà kún, ìbáà ku ìdá mẹ́rin, tó fi jẹ́ pé àfi kí a gbé e sókè kí a tó mọ̀.

Géèjì náà wúlò ní ọ̀nà mìíràn. Bí ọkọ̀ bá sùn níta mọ́jú, tí a kò sì tíì tan ẹ́ńjìnnì, 97 psi tí a rí ní 30°C fi hàn pé kì í ṣe R22, gáàsì éésì ilé, ni wọ́n fi sí i, nítorí pé èyíinì yóò gòkè dé nǹkan bí 158 psi. Atẹ́gùn tó bá dàpọ̀ mọ́ gáàsì náà yóò gbé abẹ́rẹ́ ga ju bó ti yẹ lọ. Ṣùgbọ́n kò lè ya R-134a sọ́tọ̀ kúrò lára R-1234yf, nítorí pé ìyàtọ̀ wọn kò ju psi méjì tàbí mẹ́ta lọ. Lébẹ́ẹ̀lì àti ẹnu páìpù ni ó ń ṣe ìyẹn.

Nígbà tí oníéésì fa gáàsì náà jáde, 660 gíráàmù ni òṣùwọ̀n kà. Ó fi 180 gíráàmù ju ohun tó yẹ lọ. Agolo kékeré tí wọ́n ń tà lọ́jà jẹ́ 340 gíráàmù, méjì rẹ̀ jẹ́ 680, nítorí náà ó hàn gbangba pé ẹni tó fi gáàsì sí i kàn da agolo méjì sínú rẹ̀ ni, tí ìwọ̀nba tó kù sì ṣẹ́kù sínú rọ́bà tàbí jò lọ.

Gáàsì tó pọ̀ jù ń di omi sínú kọ̀ńdẹ́nsà, ó ń gba àyè tí ó yẹ kí gáàsì máa tutù sí, agbára inú páìpù tínrín a sì máa ga. Lójú ọ̀nà Kábà sí Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀, atẹ́gùn iwájú ọkọ̀ lè tu kọ̀ńdẹ́nsà náà lára díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá há sẹ́yìn àwọn ọkọ̀ símẹ́ńtì ní Ọbájànà, tí a ń rìn bí ìgbín, afẹ́fẹ́ a máa gbóná sí i, suìṣì inú rẹ̀ a sì máa pa kọmupirẹ́sọ̀ kí ohunkóhun má baà bẹ́. Nígbà tí ọkọ̀ dúró lójú kan pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́, tí ìta jẹ́ 33°C, afẹ́fẹ́ tó ń ti ihò dáṣíbọ́ọ̀dù jáde jẹ́ 16°C. Bí a ti fi 480 gíráàmù sí i, ó di 9°C.

Kí oníéésì tó fi gáàsì sí i, ó fi pọ́ǹpù fa atẹ́gùn inú páìpù jáde fún ìdajì wákàtí, ó ti ẹnu rẹ̀, ó sì wo bóyá abẹ́rẹ́ yóò gòkè. Bí ó bá gòkè, ibì kan ń jò tàbí omi wà nínú rẹ̀. Ó tún fi òróró tó bá gáàsì jáde kún un. Owó iṣẹ́ rẹ̀ ju ti ẹni tó ń da gáàsì wọlé láìwọ̀n lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, mo sì kà á sí owó tó tọ́, nítorí pé mo fi èsì ìwọ̀n náà bẹ olówó ọkọ̀ kí ó dín owó rẹ̀ kù, ó sì gbà.

Ìwọ̀n yìí kò lè fi jíjò díẹ̀díẹ̀ hàn. Oníéésì fi àwọ̀ tó ń tàn lábẹ́ iná àkànṣe sínú gáàsì náà, ìyẹn ni ó fi mọ̀ pé ẹnu páìpù tó nípọn ń jò, ó sì pààrọ̀ ọkàn fáàfù rẹ̀. Fún ẹni tó wà ní Kábà, tí kò rí ẹ̀rọ tó ń fa gáàsì, òṣùwọ̀n kékeré lè ràn án lọ́wọ́, bí páìpù bá ti ṣófo, tí pọ́ǹpù sì ti fà á gbẹ: kí ó gbé agolo lé e, kí ó máa wo iye tó ń dín kù. Fún ọkọ̀ bíi tèmi, agolo kan yóò parí, 140 gíráàmù yóò sì jáde láti inú èkejì.