Bílì ọsibítù kan lábẹ́ ètò inṣọ́ránsì méjì: didọ́kítíbù, kopéè àti koinṣọ́ránsì

Ẹni tó bá ń ra inṣọ́ránsì ìlera ní Amẹ́ríkà, yálà lórí HealthCare.gov tàbí níbi iṣẹ́, owó oṣooṣù ló máa ń kọ́kọ́ wò. Owó yẹn ni ẹ ó máa san bí ara yín le, bí ara yín ò le. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mẹ́ta wà lójú ewé kan náà, `Deductible`, `Copayment` àti `Coinsurance`, tó jẹ́ pé àwọn ló ń sọ iye tí yóò jáde lápò yín lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé yín lọ sí ọsibítù. Didọ́kítíbù, kopéè àti koinṣọ́ránsì la ó máa pè wọ́n níbí. A ó gbé ètò méjì síwájú yín, a ó sì fi bílì kan ṣoṣo wọn méjèèjì wò. Àpẹẹrẹ ni iye owó inú wọn, kí ìṣirò lè hàn kedere. Tiyín yóò yàtọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà ìṣirò kan náà ni.

Didọ́kítíbù ni owó tí ẹ̀yin fúnra yín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ san láàárín ọdún kí kọ́ńpínì tó dá sí ìtọ́jú tó wà lábẹ́ rẹ̀. Tí ẹ bá ti san án tán, ó parí fún ọdún yẹn, ì báà jẹ́ ìgbà mẹ́wàá lẹ tún lọ sí ọsibítù. Tí ọdún ètò bá yí, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Kopéè ní tirẹ̀ jẹ́ iye kan pàtó tí wọ́n ti là sílẹ̀, bíi $40 lọ́dọ̀ dókítà tàbí $350 ní yàrá pàjáwìrì. Bí bílì ṣe lè wù kó ga, kopéè kì í kúrò lójú kan. Koinṣọ́ránsì kò rí bẹ́ẹ̀, torí ìdá ni. Tí wọ́n bá kọ 20%, ó túmọ̀ sí pé nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún dọ́là, ogún dọ́là jẹ́ tiyín, ọgọ́rin jẹ́ ti kọ́ńpínì. Bílì tó bá wúwo ni koinṣọ́ránsì ti ń dun èèyàn.

Ẹni tó bá ti lo ètò ìlera àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Nàìjíríà yóò rántí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún tí aláìsàn ń san lórí oògùn. Kopéè ni wọ́n ń pè é nílé. Nítorí pé ìdá ni, koinṣọ́ránsì ni wọn yóò pè é ní Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa ló ń gbé ìtumọ̀ ti ilé wá síbí, tí ìṣirò wọn sì ń dojú rú.

Ohun kẹrin wà tó ń dí gbogbo wọn lọ́wọ́: gbèdéke owó àpò. Tí didọ́kítíbù, kopéè àti koinṣọ́ránsì tí ẹ ti san lọ́dún bá pé iye yẹn, kọ́ńpínì ló ń san gbogbo ìyókù tí ètò náà bo, níwọ̀n ìgbà tí ọsibítù àti àwọn dókítà bá wà nínú nẹ́tíwọ̀kì, ìyẹn àwọn tó ti bá kọ́ńpínì ṣe àdéhùn iye owó. Owó oṣooṣù kò sí nínú òǹkà yìí. Fún ètò ọdún 2026, òfin kò gbà kí gbèdéke yìí ju $10,600 fún ẹnì kan àti $21,200 fún ìdílé lórí àwọn ètò tí wọ́n ń tà lórí HealthCare.gov.

Ètò méjèèjì rèé:

| | Ètò Kìn-ín-ní | Ètò Kejì |
|---|---|---|
| Owó oṣooṣù | $320 | $510 |
| Didọ́kítíbù | $6,000 | $1,500 |
| Kopéè yàrá pàjáwìrì | kò sí | $350 |
| Koinṣọ́ránsì | 30% | 20% |
| Gbèdéke owó àpò | $9,000 | $6,000 |

Ó wá di òru ọjọ́ kan, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ẹni tó ní inṣọ́ránsì náà. Ó gba yàrá pàjáwìrì lọ, wọ́n rí i pé apẹ́ńdísì ló wú, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó sì sun òru méjì ní ọsibítù. Ọsibítù kọ $42,000 sórí bílì. Ẹ má tíì fòyà, kì í ṣe orí iye yẹn ni wọn yóò ti ṣírò tiyín. Kọ́ńpínì àti ọsibítù tó wà nínú nẹ́tíwọ̀kì ti jọ fẹnu kò sí iye tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan máa jẹ́, òun là ń pè ní iye àdéhùn. Lórí bílì yìí, iye àdéhùn jẹ́ $18,000: $2,000 fún yàrá pàjáwìrì, $14,000 fún iṣẹ́ abẹ àti bẹ́ẹ̀dì, $2,000 fún oníṣẹ́ abẹ àti dókítà akunnilóorun. $24,000 tó kù kúrò nílẹ̀ nìyẹn, ọsibítù kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bi yín fún un.

Lábẹ́ Ètò Kìn-ín-ní, ẹ ó kọ́kọ́ san didọ́kítíbù $6,000. Ó ku $12,000 nínú iye àdéhùn. 30% rẹ̀ jẹ́ $3,600. Ẹ pa á pọ̀, ó di $9,600, ṣùgbọ́n gbèdéke ti dúró ní $9,000, torí náà $9,000 lẹ máa san. Tí wọ́n bá tún dá yín dúró sí ọsibítù nínú ọdún yẹn, nínú nẹ́tíwọ̀kì, ẹ ò ní san kọ́bọ̀ lórí ìtọ́jú tí ètò bo.

Ètò Kejì ló gba àròjinlẹ̀, torí pé ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀. Ká ní kopéè $350 náà dúró fún yàrá pàjáwìrì láìka didọ́kítíbù sí. Ẹ san $350, $2,000 ti yàrá pàjáwìrì sì ti kúrò lọ́nà. Ó ku $16,000. Ẹ san didọ́kítíbù $1,500, ó ku $14,500, 20% rẹ̀ jẹ́ $2,900. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ $4,750. Kò tíì dé gbèdéke.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ètò máa ń kọ ọ́ pé wọn kò ní gba kopéè yàrá pàjáwìrì tí wọ́n bá dá aláìsàn dúró. Ẹni tó bá ka èyí yóò rò pé yàrá pàjáwìrì ti di ọ̀fẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé $2,000 yẹn yóò bọ́ sínú bílì ìdádúró, didọ́kítíbù àti koinṣọ́ránsì yóò sì kàn án. Ẹ wò ó: $1,500 nínú $18,000, ó ku $16,500, 20% rẹ̀ jẹ́ $3,300. Àpapọ̀ di $4,800. Kopéè tí wọ́n yọ́nú yọ kúrò ti fi $50 kún ohun tí ẹ máa san. Kò pọ̀, àmọ́ níbi tí bílì yàrá pàjáwìrì bá ti ga jù bẹ́ẹ̀, àlàfo náà ń fẹ̀ sí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kékeré kan ti ń náni lówó gan-an ni tí wọn ò bá dáni dúró. Ká ní ọmọ ṣubú, wọ́n rán ojú ọgbẹ́ fún un, ẹ sì darí sílé láàárọ̀, iye àdéhùn $2,000. Tí ìwé Ètò Kejì bá kọ `deductible does not apply` sẹ́gbẹ̀ẹ́ kopéè náà, $350 péré lẹ máa san. Tí kò bá kọ ọ́, tí didọ́kítíbù ọmọ náà kò sì tíì wọlé, ẹ ó san $1,500, lẹ́yìn náà $350 látinú $500 tó kù: $1,850. Ètò kan náà, kopéè kan náà, ọ̀rọ̀ mẹ́rin ló mú $1,500 wọ inú rẹ̀.

Ìwé tó yẹ kí ẹ béèrè kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun ni `Summary of Benefits and Coverage`. Òfin fi dandan lé e fún kọ́ńpínì láti fún yín, bákan náà ni wọ́n sì ṣe ń tò ó, ètò kan kì í fi tirẹ̀ pamọ́. Lókè táàbù inú rẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́ pé gbogbo kopéè àti koinṣọ́ránsì tó wà níbẹ̀ jẹ́ èyí tó ń tẹ̀lé didọ́kítíbù, níbi tí didọ́kítíbù bá ti kàn. Ìyẹn ni pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ túmọ̀ sí pé ẹ ó san didọ́kítíbù ná. Ẹ wá ìlà `Emergency room care`, kí ẹ wá `Facility fee` àti `Physician/surgeon fees` lábẹ́ `If you have a hospital stay`. Ìlà mẹ́ta yìí ló ń sọ bí bílì ọsibítù yín yóò ṣe rí.

Èwo wá ni kí ẹ rà? Ìyàtọ̀ owó oṣooṣù àwọn méjèèjì jẹ́ $190, ìyẹn $2,280 lọ́dún. Tí ìtọ́jú tí didọ́kítíbù kàn lọ́dún yẹn kò bá tó $4,350 ní iye àdéhùn, Ètò Kìn-ín-ní ló dínwó. Ibi $4,350 gan-an ni wọ́n ti dọ́gba: ẹ ó san gbogbo rẹ̀ ní Kìn-ín-ní, ẹ ó sì san $2,070 ní Kejì, $2,280 ni ìyàtọ̀. Lọ́dún apẹ́ńdísì yẹn, ẹni tó wà ní Kìn-ín-ní ná $12,840 pẹ̀lú owó oṣooṣù, ẹni tó wà ní Kejì, tó san $4,800 lórí bílì, ná $10,920. Lójú tiwa, ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni bóyá ẹ lè rí $9,000 san láìjẹ gbèsè. Ẹni tí kò ní ju $2,000 nípamọ́, tó ń fowó ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù, kò yẹ kó tìtorí $190 ra didọ́kítíbù $6,000.

Lẹ́yìn ìtọ́jú, kì í ṣe bílì kan ṣoṣo ni yóò dé ilé. Ọsibítù yóò fi tirẹ̀ ránṣẹ́, oníṣẹ́ abẹ yóò fi tirẹ̀ ránṣẹ́, dókítà akunnilóorun pẹ̀lú. Ẹni tí kọ́ńpínì bá kọ́kọ́ ṣírò ìwé rẹ̀ ni didọ́kítíbù yóò bọ́ sí lórí, kì í ṣe ẹni tó kọ́kọ́ tọ́jú yín. Ibí ni àṣìṣe ti ń wọlé: ọsibítù ti gba $1,500 lọ́wọ́ yín kí ẹ tó kúrò, oníṣẹ́ abẹ tún ní ẹ jẹ òun ní $1,500 didọ́kítíbù. Ẹ má san èyí tó kẹ́yìn kí ẹ tó kó gbogbo `EOB` jọ, ìyẹn ìwé tí kọ́ńpínì ń fi ránṣẹ́ tí wọ́n máa ń kọ `This is not a bill` sí lára. Ẹ ro iye tó wà níbi didọ́kítíbù lórí gbogbo wọn pọ̀. Lábẹ́ Ètò Kejì, kò gbọdọ̀ ju $1,500 fún ẹnì kan lọ́dún. Tó bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ pe kọ́ńpínì, kí ẹ ka nọ́ḿbà ìwé kọ̀ọ̀kan fún wọn, kí ẹ ní kí wọ́n tún un ṣírò. Tó bá jẹ́ pé ti oníṣẹ́ abẹ ni didọ́kítíbù bọ́ sí lórí, owó tí ọsibítù ti gbà yóò di ara koinṣọ́ránsì tí ẹ jẹ ẹ́, ìyókù nìkan lẹ máa wá san fún un.

Dókítà akunnilóorun lè má sí nínú nẹ́tíwọ̀kì bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọsibítù wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù January ọdún 2022, òfin No Surprises Act kò gbà á láàyè láti gba owó lé e lọ́wọ́ yín nítorí ìyẹn: bí ẹni pé ó wà nínú nẹ́tíwọ̀kì ni wọn yóò ṣe ṣírò didọ́kítíbù àti koinṣọ́ránsì yín. Bó bá fi bílì mìíràn ránṣẹ́ lókè ìyẹn, ẹ fi `EOB` han iléeṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ má sì tíì sanwó.