Àgbéyẹ̀wò Interpretation orí Zoom: bí bàbá wa ní Bẹẹrẹ àti àwọn ọmọ Toronto ṣe gbọ́ra wọn yé

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fi Interpretation orí Zoom, ìyẹn apá tí ògbufọ̀ ti ń tú ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ṣe ìpàdé ẹbí wa. Ti àkọ́kọ́ dàrú, ti èkejì dùn, áàpù kan náà ni, àkáǹtì kan náà ni, ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì kan péré ló yà wọ́n sọ́tọ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí n ní kí n kọ ọ́ síbí.

Páànù ilé bàbá wa ní Bẹẹrẹ ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó ti dípẹtà pátápátá, gbogbo yín kúkú mọ bí òrùlé apá ibẹ̀ ṣe rí, òjò ń wọlé, àwọn ọmọ tó wà ní Toronto àti Manchester ní àwọn fẹ́ dá owó. Wàhálà ibẹ̀ ni pé Bàbá àgbà ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kọjá "gúdù mọ́nìn", àwọn ọmọ yẹn náà ò gbọ́ Yorùbá kọjá "ẹ káàárọ̀ sà". Tẹ́lẹ̀, ẹnì kan á sọ̀rọ̀, á dúró, àǹtí mi tó jẹ́ tíṣà á wá tú u, mítìn wákàtí kan á di wákàtí méjì ààbọ̀, Bàbá á ti sùn lọ lórí àga.

Èèyàn ló ń ṣe ògbufọ̀ níbí o, áàpù ò tú nǹkan kan fúnra ẹ̀. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ya ṣánẹ́ẹ̀lì ohùn sọ́tọ̀ sọ́tọ̀, kálukú á mú èyí tó fẹ́, bí ẹni ń yí rédíò. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ò ní dúró de ẹnì kankan, ògbufọ̀ á máa tú u lọ bó ṣe ń sọ ọ́, ẹni tó mú ṣánẹ́ẹ̀lì yẹn á gbọ́ ògbufọ̀ ketekete, á sì máa gbọ́ ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ gan-an lábẹ́ ẹ̀, ó kàn máa rẹlẹ̀ ni.

Àkáǹtì ọ̀fẹ́ ò ní i, kí ẹ má wá a kiri. Ti ọ́fíìsì wa ni mo fi ṣe é, ọ̀gá mi fọwọ́ sí i. Ẹ máa wọ zoom.us lórí buráwúsà, ẹ lọ sí Settings, ẹ wá apá tí wọ́n pè ní In Meeting (Advanced), ẹ tan Language Interpretation. Mi ò bá Yorùbá nínú àwọn èdè tí wọ́n ti tò síbẹ̀, èmi ni mo fọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́ kún un. Tí ẹ bá wá fẹ́ dá ọjọ́ ìpàdé, ẹ jẹ́ kó fún yín ní nọ́ńbà tuntun, torí tí ẹ bá lo Personal Meeting ID kò ní ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ kọ ímeèlì ògbufọ̀ àti èdè méjì tó fẹ́ máa tú síbẹ̀. Ímeèlì yẹn gan-an ló gbọ́dọ̀ fi wọlé o. Àǹtí mi fi òmíì wọlé, Zoom kà á sí àlejò bíi ti àwọn tó kù, èmi ni mo tún ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yàn án nígbà tí mítìn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó pe mítìn sì gbọ́dọ̀ wà lórí láàpútọ́ọ̀pù, kó tẹ Interpretation, kó tẹ Start, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ẹnì kankan ò ní rí àmì àgbáyé tí wọ́n fi ń mú èdè nísàlẹ̀ ojú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà wọn.

Ó wá ku ibi tí ìpàdé àkọ́kọ́ ti dàrú. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ níbí, mọ́kànlá àárọ̀ ní Toronto. Bàbá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, àǹtí ń tú u sí Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo ẹ̀ ń lọ geere. (Àfi ìgbà tí Bàbá ní "ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i", àǹtí sì tú u ní ṣákálá, ni ọmọ Toronto bá figbe ta pé ṣé ilé ti jóná ni.) Bí ọmọ yẹn ṣe wá bẹ̀rẹ̀ sí í fèsì ní Gẹ̀ẹ́sì, àǹtí yí ẹnu padà sí Yorùbá, ṣùgbọ́n kò yí bọ́tìnnì padà. Ògbufọ̀ máa ń rí èdè méjèèjì tí wọ́n yàn fún un, èyí tó bá tẹ̀ ni ohùn ẹ̀ ń lọ sí, áàpù ò mọ èdè tó ń sọ lẹ́nu. Ni Yorùbá àǹtí bá ń ya lọ sínú etí àwọn ará Toronto, ó bo ohùn ẹni tiwọn mọ́lẹ̀, Bàbá tó wà lórí ṣánẹ́ẹ̀lì Yorùbá ní tiẹ̀ ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì gbuurugbu. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ la lò báyẹn!

Èmi tí mo pe mítìn ò mọ nǹkan kan. Orí Off ni mo wà, ẹni tó bá wà lórí Off kì í gbọ́ ògbufọ̀ rárá, ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nìkan ló ń gbọ́, lójú tèmi gbogbo nǹkan dára. Bàbá ló pariwo pé "kí lẹ̀ ń sọ fún mi ná?" ni mo tó fura. Nígbà kejì, mo fi fóònù mi kejì wọlé bí àlejò, mo gbé e sórí ṣánẹ́ẹ̀lì Yorùbá pẹ̀lú ìápíìsì létí kan, mo sì sọ fún àǹtí pé kó kọ ọ́ sórí bébà níwájú ara ẹ̀: BÀBÁ, tẹ English, TORONTO, tẹ Yorùbá. Ìgbà kan péré ló gbàgbé, kò tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tí mo fi pè é.

Ọ̀kan tún wà tó jọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní Mọ́kọ́lá bá Bàbá tẹ Mute Original Audio kí ohùn má baà pọ̀ létí wọn. Ó dára tó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo èèyàn ń sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí àbúrò Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Yorùbá, ògbufọ̀ ti lọ sí ṣánẹ́ẹ̀lì Gẹ̀ẹ́sì, kò sí ẹni tó ń sọ nǹkan lórí ti Yorùbá, ohùn àbúrò wọn gan-an sì ti wà ní pípa, Bàbá wá ń wo ẹnu tó ń mì láìgbọ́ nǹkan kan. Tí ìpàdé yín bá jẹ́ elédè méjì, ẹ fi bọ́tìnnì yẹn sílẹ̀.

Ẹ má fi ògbufọ̀ kan ṣe é o. Àwọn tó ń ṣe é níṣẹ́ kì í ju ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ kí ẹnì kejì tó gbà á, mo sì ti rí ìdí ẹ̀, nígbà tó di ìṣẹ́jú márùndínlógójì àǹtí ń fo gbólóhùn. Ní ìgbà kejì a mú ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan láti Bódìjà mọ́ ọn. Wọ́n á kọ "ó kù díẹ̀" síra wọn lórí Wọ́sáàpù, ẹni tó fẹ́ gbà á á tẹ èdè tó yẹ kó tó ṣí ohùn ẹ̀, torí tí àwọn méjèèjì bá ṣí i pọ̀ lórí ṣánẹ́ẹ̀lì kan, ariwo ọjà Ọjẹ́ ni.

Máàkì tí mo máa fún un ò ju méje nínú mẹ́wàá lọ. Bùọ̀dá wa kan tó fi fóònù lásán pe nọ́ńbà ìpàdé ò lè mú ṣánẹ́ẹ̀lì kankan, ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nìkan ló gbọ́. Tí ẹ bá sì ń ká a sílẹ̀ sórí kíláòdù, ohùn ògbufọ̀ lè má sí níbẹ̀, ẹni tó bá ká a sórí kọ̀ǹpútà ara ẹ̀ náà, ṣánẹ́ẹ̀lì tó ń gbọ́ nìkan ló máa rí. Àwọn ará Manchester tí ò lè wá ní kí n fi ti Gẹ̀ẹ́sì ránṣẹ́, Yorùbá Bàbá ni mo ní lọ́wọ́, àǹtí ti ní òun ò tún un tú mọ́ láéláé.