Ẹ ṣọ́ra fún aṣọ òjò ọmọ iléèwé "tó ń mí, tó sì ń tàn" tí wọ́n ń tà kiri ní Adó-Èkìtì

Ẹ kú òjò o, ẹ̀yin òbí. Bí ẹnikẹ́ni bá fi àwòrán aṣọ òjò ọmọdé ránṣẹ́ sí yín lórí fóònù, tí téépù ara ẹ̀ ń kọ mànà, ẹ má tíì sanwó. Èmi ti san tèmi. ₦9,000 ni ẹyọ kan, méjì ni mo sì rà. Aránṣọ ni mí, yúnífọ́ọ̀mù ni mò ń rán jẹun, síbẹ̀ wọ́n rí mi mú.

Ohun tí ọkùnrin tó ń tà á sọ ni pé aṣọ náà ń mí, pé ooru kì í há sínú ẹ̀, àti pé ọlọ́kọ̀ á ti òkèèrè rí ọmọ. Búlúù tó ṣú ni. Ìlà fàdákà méjì wà láyà, ọ̀kan wà lẹ́yìn, wọ́n sì rán ìgbá kan, ìyẹn ewé aṣọ tó dà bolẹ̀, bo ẹ̀yìn èjìká. Ọkùnrin náà ní abẹ́ ẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà jáde.

Ọjọ́ kìíní tí ọmọ mi wọ̀ ọ́ ti iléèwé bọ̀, gbogbo ẹ̀yìn yúnífọ́ọ̀mù ẹ̀ àti abíyá ẹ̀ ló tutù rinrin. Mo ní aṣọ ti jò. Mo gbé ẹ̀yìn aṣọ náà sórí báàsìn bí àpò, mo bu omi sí i, mo fi í sílẹ̀ tó bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ̀kán omi kan kò gba abẹ́ ẹ̀ jáde. Kì í ṣe òjò ló wọlé, òógùn ọmọ ni kò ríbi jáde. Ọ̀rá ni aṣọ náà látòkèdélẹ̀. Oru òógùn ara ọmọ á gòkè, á kan ọ̀rá tí òjò ti mú tutù, á di omi, á sì ṣàn padà sí i lára, gẹ́lẹ́ bí omi ṣe ń kán láti abẹ́ ọmọrí ìkòkò.

Ìgbá ẹ̀yìn yẹn wá ńkọ́? Mo ṣí i wò. Kò sí ihò kankan lábẹ́ ẹ̀, kò sí nẹ́ẹ̀tì. Wọ́n kàn rán ọ̀rá lé ọ̀rá lórí ni. Nẹ́ẹ̀tì tí mo fọwọ́ kàn nínú aṣọ lọ́jọ́ tí mo rà á, tó jẹ́ kí n gbà á gbọ́, inú aṣọ lásán ló wà. Ó ń gbé ọ̀rá kúrò lára ọmọ díẹ̀, àmọ́ kò ṣílẹ̀kùn fún ooru.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo mọ̀ nípa aṣọ tó ń mí. Ó wà lóòótọ́, oru òógùn a máa gbà á kọjá. Ṣùgbọ́n nígbà òjò tiwa níbí, tí atẹ́gùn ìta fúnra ẹ̀ lóoru tó sì kún fún ọ̀rinrin, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń gbà á jáde. Nítorí náà, ihò lẹ kọ́kọ́ máa wá. Ẹ wo abíyá, bóyá wọ́n lu ihò oníde síbẹ̀, bíi ti ojú bàtà tí à ń ki okùn bọ̀. Ẹ ki ìka bọ abẹ́ ìgbá ẹ̀yìn. Bí ìka yín kò bá yọ sínú aṣọ tàbí kó kan nẹ́ẹ̀tì tí ẹ lè fẹ́ atẹ́gùn gbà, ẹ̀tàn ni.

Ti téépù ló bí mi nínú jù. Ọmọ mi kejì ni mo ní kó wọ̀ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ kan tí kò síná, kó dúró sẹ́nu géètì wa lápá Àjílòsùn. Bàbá wọn tan iná iwájú mọ́tò láti ìsàlẹ̀ àdúgbò. Ojú ọmọ àti ìbọ̀sẹ̀ funfun ẹ̀ la kọ́kọ́ rí. Ìlà fàdákà náà dúdú bíi aṣọ yòókù. Ọlọ́dẹ àdúgbò wá ń kọjá lẹ́yìn ẹ̀, bàǹtẹ́ ìlà tó gbé kọ́rùn sì tàn yòò.

Téépù gidi ní bíntín-bíntín dígí róbótó lára, tàbí ojú ọ̀rá tí wọ́n gbẹ́ igun wẹ́wẹ́ sí, tó ń dá iná padà síbi tó ti wá. Ìdí nìyẹn tí awakọ̀ fi ń rí i, torí pé iná ọkọ̀ àti ojú ẹ̀ kò jìnnà síra. Fàdákà ayédèrú bíi dígí ìwojú ló rí: ó ń ju iná sápá ibòmíràn. Bí ọkùnrin náà ṣe ń dán an wò fún wa ni pé ó gbé tọ́ọ̀ṣì lé e lórí gan-an, ọ̀sán gangan. Kí ni kò ní dán níbẹ̀? Ọmọrí ìkòkò á dán.

Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ wọ inú ṣọ́ọ̀bù tó ṣókùnkùn, kí wọ́n gbé aṣọ kọ́ níwájú yín ní bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Ẹ gbé iná fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú yín, kó kan ẹ̀bátí. Gidi á funfun báláú. Ẹ wá gbé iná náà sísàlẹ̀ síbi ìbàdí, kí ojú yín wà lókè: á ṣú padà, torí iná ti padà síbi ìbàdí. Ẹ tún fi àkísà tútù nù ún, kí ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn téépù kan wà tó jẹ́ pé bí omi bá bo dígí ojú wọn, títàn wọn á rẹlẹ̀ gan-an, bẹ́ẹ̀ òjò la tìtorí ẹ̀ rà á.

Àwọ̀ yẹ́lò tàbí ọsàn tó ń gún ojú dára lójúmọmọ, nínú kùrukùru, àti nígbà tí ojú ọ̀run ṣú. Lálẹ́, kò lè dá nǹkan ṣe láìsí téépù. Ẹ rántí báàgì iléèwé pẹ̀lú: ọmọ á gbé e kọ́ ẹ̀yìn, á sì bo ìlà ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ pátápátá. Pọ́ńṣò, aṣọ òjò tí kò lápá tí à ń bọ̀ sọ́rùn, ni mo yàn láàyò fún ọmọ tó ń fẹsẹ̀ rìn. Ó ń bo báàgì, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ṣí, atẹ́gùn ń wọlé. Àmọ́ bí ọ̀kadà ló ń gbé e, kò gbọdọ̀ kọjá orúnkún, ẹ dé bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, kí etí ẹ̀ má baà wọ táyà tàbí ṣéènì.

Mo ti tún tèmi ṣe. Mo la ẹ̀yìn abẹ́ ìgbá, mo fi nẹ́ẹ̀tì dí i, mo ra téépù gidi ní yáàdì, mo rán an sí etí ìsàlẹ̀ àti ọwọ́, níbi tí báàgì kò lè bò. Sítíìṣì gígùn ni mo lò, torí ọ̀rá tí abẹ́rẹ́ bá gún ṣúṣú á fàya bíi pépà.

Nígbà tí mo pe ọkùnrin náà, ó ní, "Màámi, ṣé òjò wọlé ni?" Mo ní rárá. Ó ní, "Ẹ ò wa rí i pé ojúlówó ni!" Ó já fóònù. Nọ́ńbà yẹn kò lọ mọ́, àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi ní Ìkẹ́rẹ́ fi àwòrán kan náà ránṣẹ́ sí mi lánàá, láti orí nọ́ńbà mìíràn. Bí ó bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ ní kó ya fídíò aṣọ náà nínú òkùnkùn, kó gbé iná sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú kámẹ́rà fóònù, kó sì fi ìka ṣí abẹ́ ìgbá ẹ̀yìn hàn yín.