Shazam àti orin inú eré tí kò lórúkọ: ibi tó ti wúlò, ibi tó ti dákẹ́

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Lugbe ló fa àgbéyẹ̀wò yìí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lo Shazam, áàpù tó máa ń sọ orúkọ orin tó bá ń dún, àmọ́ iṣẹ́ tó rán mi yìí ló jẹ́ kí n mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ gan-an. "Ọkọ mi, ẹ bá mi wá orin tí wọ́n lù nígbà tí ìyàwó yẹn ń kó ẹrù rẹ̀ lóru, tó ń sunkún." Nínú síríìsì kan ni. Ní ìparí eré náà, gbogbo orúkọ ló yí lọ, títí kan ti ẹni tó se oúnjẹ, àmọ́ kò sí orúkọ orin kankan níbẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé orin tó ń dún ní ilé oúnjẹ ní Wuse lo fẹ́ mọ̀, má wulẹ̀ ka èyí jìnnà. Tẹ bọ́tìnnì, dúró díẹ̀, ó ti parí. Ọ̀fẹ́ ni áàpù náà, dátà tó ń jẹ kò tó nǹkan, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá sì lọ, á tọ́jú ohun tó gbọ́, á wá a nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé. Orin inú eré ló le, torí pé ọ̀rọ̀ ẹnu, ẹkún àti ariwo ilẹ̀kùn máa ń bò ó mọ́lẹ̀.

Ọdún 2003 ni Avery Wang, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Shazam sílẹ̀, ti ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Áàpù náà kì í gbọ́ orin bí èmi àti ìwọ ṣe ń gbọ́ ọ. Àwọn ibi tí ìró ti ga jù lọ ló ń ṣà, á wo bí ọ̀kan ṣe jìnnà sí èkejì tó, á wá fi wé èyí tó ní nípamọ́. Ìdí nìyẹn tí ariwo jẹnẹrétọ̀ kì í fi í dà á láàmú púpọ̀: àwọn ibi gíga inú orin ṣì máa ń yọrí. Ìdí kan náà ni kò fi lè mọ orin tí o bá fi ẹnu kùn, tàbí èyí tí olórin tún kọ lákọ̀tun lórí ìtàgé. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ yẹn gan-an ló mọ̀. Bó bá jẹ́ kíkùn lo fẹ́ kùn ún, Google ti ní irú ìyẹn láti ọdún 2020.

Nítorí náà, kí n tó fọwọ́ kan fóònù, ìbéèrè ni mo kọ́kọ́ bi ìyàwó wa. Apá kelòó ni, ní ìṣẹ́jú wo? Ṣé ẹnìkan ń kọrin nínú rẹ̀? Ṣé àwọn tó wà nínú eré náà ń gbọ́ orin yẹn, bí ìgbà tó ń jáde láti inú rédíò, àbí àwa òǹwòran nìkan ló ń gbọ́ ọ? Ó ní gìtá ni, fèrè wọlé lẹ́yìn náà, kò sẹ́ni tó kọrin, obìnrin inú eré náà sì ń sọ̀rọ̀ lé e lórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìdáhùn tó ṣe mí láǹfààní jù ni pé nígbà tí ilẹ̀kùn pa dé, ńṣe ni gìtá ń lọ ní tirẹ̀, wọ́n kàn rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láàárín ohùn. Orin tí wọ́n dìídì ṣe fún ìran kan sábà máa ń bá ìran náà rìn, á dúró níbi tí ọ̀rọ̀ bá dúró. Èyí tí wọ́n bá rẹ̀ sílẹ̀ láàárín ohùn báyìí sábà máa ń jẹ́ èyí tí wọ́n mú wá láti ibòmíràn, ìyẹn sì ni irú tí Shazam lè mọ̀.

Fídíò tó fi ránṣẹ́ sí mi láti orí Facebook kò wúlò rárá. Ẹ fetí sí ohùn àwọn òṣèré nínú irú fídíò bẹ́ẹ̀: bí ohùn wọn bá tín-ín-rín, tí wọ́n sì ń sáré sọ̀rọ̀, ẹni tó gbé e síbẹ̀ ti mú un yára kí ẹ̀rọ má baà mọ̀ pé kì í ṣe tirẹ̀. Bí ìró bá ti yára, ibi gíga rẹ̀ ti kúrò níbi tí Shazam ń wá a sí. Èyí kì í ṣe ẹ̀bi áàpù. Eré náà gan-an ni mo lọ wò.

Ìran ẹkún yẹn kò fún mi ní nǹkan kan, torí pé ọ̀rọ̀ obìnrin náà kò jẹ́ kí gìtá yọjú. Àmọ́ àwọn tó ń ṣe síríìsì kì í sábà san owó orin kan kí wọ́n lò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo wo àwọn apá tó tẹ̀ lé e, mo sì bá gìtá kan náà níbi tí wọ́n ti ń fi ojú ọ̀nà Zuba hàn, tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀. Lórí Android, Shazam ní bọ́tìnnì kékeré tó ń léfòó lórí áàpù mìíràn, ó sì ń gbọ́ ohun tó ń dún nínú fóònù kódà bí o bá ki íápíìsì sétí. Mo fẹ́ràn èyí ju gbogbo ohun yòókù lọ. Ariwo yàrá kò ní í wọ̀ ọ́ rárá.

Ó mú orúkọ wá lójú ẹsẹ̀: orin ìyìn kan. Mo tún tẹ̀ ẹ́ níwájú díẹ̀, ó mú orúkọ mìíràn wá, ti ọmọkùnrin kan tó ń ṣe ráàpù. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń mú èyí tó kọ́kọ́ jáde, wọ́n á sì lọ tàn án kálẹ̀. Bí ègé orin kan bá ń bí orúkọ méjì, tí àwọn méjèèjì kò sì jọra, lúùpù ni kó o fura sí, ìyẹn ègé ohùn kúkurú tí wọ́n ń tà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí ẹnikẹ́ni lè rà kó fi ṣe orin tirẹ̀. Shazam kò purọ́. Gìtá yẹn wà nínú orin méjèèjì lóòótọ́. Ohun tó kù fún mi ni kí n gbọ́ wọn tán. Fèrè kò sí nínú ọ̀kankan. Nínú eré sì rèé, fèrè náà wọlé lẹ́yìn tí gìtá ti yí po lẹ́ẹ̀kejì.

Mo kọ̀wé sí ẹni tó ṣe àtòpọ̀ ìró síríìsì náà, orúkọ tirẹ̀ ṣáà wà nínú àwọn tó yí lọ. Ó dáhùn pé wọ́n ra gìtá, ẹni tó ṣe orin eré náà ló sì fọn fèrè lé e lórí ní sítúdíò. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ orin, èyí tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń gba owó fún àwọn olórin, "Ìyàwó Lọ" ni wọ́n kọ sí i. Wọn kò gbé e jáde níbikíbi, torí náà kò sí bí Shazam ṣe lè ní in nípamọ́.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Ìkarùn-ún bọ́ nítorí pé kì í sọ fún ọ nígbà tí ègé kan bá wà nínú orin tó ju ẹyọ kan lọ. Orúkọ kan ṣoṣo ló máa ń gbé síwájú rẹ bí ẹni pé ó dájú. Ìyàwó wa ní òun kò fẹ́ orin ìyìn, òun kò fẹ́ ráàpù, fèrè yẹn lòun fẹ́. Mo ti bẹ ẹni tó ṣe àtòpọ̀ ìró pé kó bá wa bi ẹni tó fọn ún bóyá ó lè gbé e jáde.